Ṣé Wọ́n Ní Kí Ẹ Sọ Ọ́ Ni, àbí Wọ́n Ní Kí Ẹ Dá Ẹjọ́ Rẹ̀?

   Ohun tí mo sọ lórí pọ́díkáàsì wa lọ́sẹ̀ yìí ni a kọ sílẹ̀ síbí, fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kíkà yá yín lára ju gbígbọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kọ Wáẹ̀kì. Nígbà tí èsì jáde, gbogbo rẹ̀ ló dára àfi Gọ́fúmẹ́ǹtì. D7 ló gbà níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí D7 jẹ́: kì í ṣe pé ó fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n kì í ṣe kírẹ́díìtì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kà ní yunifásítì ń béèrè kírẹ́díìtì nínú rẹ̀. Ó sunkún dé ojú ẹ̀kún. Ohun tó ń sọ ṣáá ni pé, "Bùọ̀dá mi, mo mọ̀ ọ́n o. Mo kọ ìwé yẹn kún, mo tún gba òmíràn kún un."

Mo gbà pé ó mọ̀ ọ́n, nítorí mo máa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á sókè lóru. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mọ ibi tí máàkì gbé ń jò. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ fún un lórí ohun tó mọ̀ dáadáa, ìyẹn bí Lugard ṣe so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1914. Mo pín ìbéèrè náà sí mẹ́ta, mo sì fi fóònù ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún un.

Apá kìíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú State. Ó ní kó sọ ìdí mẹ́ta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi so apá méjèèjì pọ̀, fún máàkì 3. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Discuss, ó sì dá lórí ipa tí ọ̀rọ̀ owó kó nínú ìsopọ̀ náà, fún máàkì 7. Apá kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Evaluate. Ó béèrè bóyá ìsopọ̀ yẹn sọ Àríwá àti Gúúsù di orílẹ̀-èdè kan lóòótọ́ títí di ọdún 1946, fún máàkì 10.

Nígbà tí aago dún, mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí apá kìíní, ó ti kọ ojú ìwé kan gbáko. Ó sọ ìtàn Lugard, ó sọ ti Flora Shaw tó dá orúkọ Nàìjíríà lábàá nínú ìwé ìròyìn ní 1897, tó sì wá di ìyàwó Lugard lẹ́yìn náà. Ìtàn dídùn ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n òfo ni máàkì tó wà níbẹ̀. Lórí apá kejì, ó to ìdí márùn-ún ní ẹsẹẹsẹ, mẹ́ta nínú wọn kò sì kan owó rárá. Lórí apá kẹta, tí máàkì 10 wà lórí rẹ̀, ìlà mẹ́rin péré ló kọ. Ìlà tó parí rẹ̀ ni: "Ìwọ̀nyí ni àǹfààní àti àléébù ìsopọ̀ 1914."

Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo rí i pé ìmọ̀ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló fò. Ó rí "1914", ó sì ń da gbogbo ohun tó mọ̀ nípa 1914 sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń pè ní ọ̀rọ̀ àṣẹ, nítorí òun ló ń pàṣẹ ohun tí a ó ṣe sí ìmọ̀ tó wà lórí wa, àti bí a ó ṣe jìn tó.

Ẹlẹ́rìí, olùgbẹ́jọ́, adájọ́

Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un nìyí. Ẹ fojú inú wo ẹjọ́ kan níwájú baálé. Wọ́n pe ẹlẹ́rìí, wọ́n ní, "Kí lo rí?" Ó ní, "Mo rí i tó gbé ewúrẹ́ náà wọlé." Ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kó sọ ìtàn ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà, baálé fún olùfisùn láyè, ó fún olùjẹ́jọ́ náà láyè, ó bi àwọn méjèèjì léèrè ọ̀rọ̀, ó ń wo bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣe kan tẹnì kejì. Níkẹyìn, ó dá ẹjọ́, ó sì sọ ohun tó gbé e ka.

Ẹlẹ́rìí ni State. Gbígbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì ni Discuss. Dídá ẹjọ́ ni Evaluate. Àbúrò mi ṣe ẹlẹ́rìí ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ibi àkọ́kọ́ gan-an, tó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí náà ni wọ́n fẹ́, ó tún sọ̀rọ̀ jù.

Kì í ṣe èmi ni mo dá èrò àtẹ̀gùn yìí sílẹ̀. Ní 1956, Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó to iṣẹ́ ọpọlọ sí ipele mẹ́fà. Rírántí ohun tí a kọ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ṣíṣe ìdájọ́ ló sì wà lókè téńté nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìbéèrè ìdánwò ṣì ń lo irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ẹ jẹ́ ká wá gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbéèrè 1914 yẹn.

State: ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ àṣẹ bá jẹ́ State, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀ ní gbólóhùn kan tó dá ṣáká. Àwọn ìdánwò Cambridge tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń kọ ní Èkó àti Àbújá ní àlàyé tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí: kí a sọ ọ́ lọ́nà tó yéni kedere. Kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀. Wọn kò béèrè ìdí, wọn kò béèrè àpẹẹrẹ.

Ìdáhùn tó yẹ kí àbúrò mi kọ kò ju báyìí lọ:

"Ìkíní, owó tó ń wọlé fún ìjọba Àríwá kò tó ìnáwó rẹ̀. Ìkejì, Àríwá kò ní èbúté létí òkun. Ìkẹta, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin apá méjèèjì wà lábẹ́ àbójútó kan ṣoṣo."

Gbólóhùn mẹ́ta, máàkì mẹ́ta, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Gbólóhùn odindi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé "owó, èbúté, ọkọ̀ ojú irin" nìkan ló kọ, ewu wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń máàkì kò mọ ohun tó fẹ́ sọ nípa owó náà. Ṣé owó pọ̀ ni, àbí owó wọ́n? Àwọn ọ̀rọ̀ bíi List àti Name ló lè gba orúkọ lásán. State fẹ́ kí a sọ nǹkan kan nípa nǹkan náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí a sọ̀rọ̀ jù. Kò sí ẹni tó máa yọ máàkì yín nítorí ìtàn Flora Shaw, ṣùgbọ́n aago ń lọ. Bí àbúrò mi ṣe lo ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lórí máàkì 3, ìgbà yẹn ló ti pàdánù máàkì 10 tó wà nísàlẹ̀ láìmọ̀.

Discuss: ẹ gbọ́ tọ̀tún tòsì

Kí a tó dé Discuss, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín, òun ni Explain. Èyí fẹ́ kí a mú kókó kan, kí a sì fi "nítorí pé" tàbí "èyí ló mú kí" kún un. Bí State bá ní "owó Àríwá kò tó", Explain á bi wá pé, "Kí ló dé tí kò fi tó, báwo ni ìyẹn sì ṣe fa ìsopọ̀?" Ẹni tí kò bá lè ṣe Explain kò lè ṣe Discuss, nítorí inú Discuss ni Explain ń gbé.

Discuss wá fẹ́ ju ìyẹn lọ. Ó fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kan wò láti ìhà tó ju ẹyọ kan lọ, kí àlàyé wà lórí ìhà kọ̀ọ̀kan, kí a sì jẹ́ kí àwọn ìhà náà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ìdánwò, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá ló máa ń gba ìdajì máàkì.

Ìbéèrè wa ní kí a ṣe Discuss lórí ipa tí owó kó. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́ kí àbúrò mi kọ ọ́:

"Ọ̀rọ̀ owó kó ipa ńlá. Ṣáájú 1914, owó tó ń wọlé ní Àríwá kò gbé ìnáwó ìjọba ibẹ̀, débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní láti máa fi owó ràn án lọ́wọ́. Gúúsù ní tirẹ̀ ní àjẹṣẹ́kù, pàápàá láti inú owó ibodè tó ń gbà lórí ọjà tó ń gba èbúté wọlé, ọtí sì wà lára wọn. Bí àpò méjèèjì bá di ọ̀kan, àjẹṣẹ́kù Gúúsù lè dí àìtó Àríwá, ẹrù náà yóò sì kúrò lọ́rùn àwọn tó ń san owó orí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

"Owó yìí tún wà nídìí àwọn ohun tó dà bí ẹni pé wọn kì í ṣe owó. Ojú irin kan ti Èkó lọ sókè, òmíràn ti Bàrò lọ sí Kánò. Títọ́jú wọn lábẹ́ ọ̀gá méjì kò mọ́gbọ́n dání, ọjà Àríwá kò sì lè dé òkun láìgba ilẹ̀ Gúúsù.

"Síbẹ̀, owó nìkan kọ́. Ìgbìmọ̀ kan tí Selborne darí ti dábàá ní 1898 pé kí àwọn ilẹ̀ tó wà ní agbègbè odò Ọya di ọ̀kan bó pẹ́ bó yá. Ní 1906, wọ́n ti kọ́kọ́ so Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Nítorí náà, èrò ìsopọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣòro owó Àríwá ló jẹ́ kó di ohun tí kò ṣeé sún síwájú mọ́."

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ṣàlàyé owó. Ìkejì fi hàn pé owó kan nǹkan mìíràn. Ìkẹta gbọ́ ẹjọ́ apá kejì. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí a bá yí ìpínrọ̀ kejì àti ìkẹta padà, ọ̀rọ̀ náà máa daru díẹ̀, nítorí ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Ọ̀nà tí mo fi ń dá Discuss tòótọ́ mọ̀ nìyẹn. Bí a bá lè da kókó inú ìdáhùn kan rú bíi káàdì láìsí ohun tó yí padà, a ṣì ń to nǹkan lásán ni.

Wáẹ̀kì máa ń gbé ìròyìn àwọn olórí olùyẹ̀wò sórí ayélujára, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kà á fún iṣẹ́ tí ẹ bá ń ṣe. Ẹ ó rí ẹ̀sùn kan tó máa ń padà wá: pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to kókó kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣàlàyé.

Evaluate: ẹ dá ẹjọ́, kí ẹ sì sọ òfin tí ẹ fi dá a

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, títí dé yunifásítì. Wọ́n á kọ àǹfààní, wọ́n á kọ àléébù, wọ́n á sì dákẹ́. Ẹ rántí ìlà tí àbúrò mi fi parí tirẹ̀. Ó dà bí baálé tó gbọ́ ẹjọ́ tán, tó wá ní, "Ẹ ṣeun, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín," tó sì wọlé lọ sùn. Ta ló ni ewúrẹ́?

Evaluate ní kí a wọn nǹkan: bó ti dára tó, bó ti ṣe pàtàkì tó, bó ti ṣiṣẹ́ tó. Kò sì sí bí a ṣe lè wọn nǹkan láìsí òṣùwọ̀n. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a sọ òṣùwọ̀n wa. Nínú ìbéèrè wa, a ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí "orílẹ̀-èdè kan" túmọ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta: àpò owó kan, ìṣàkóso kan, àti ibi kan tí a ti ń ṣe òfin fún gbogbo ènìyàn.

"Bí a bá fi àpò owó wọ̀n ọ́n, ìsopọ̀ náà ṣiṣẹ́. Owó apá méjèèjì wá sábẹ́ ìjọba kan, ọkọ̀ ojú irin sì di ti ìjọba kan náà.

"Bí a bá fi ìṣàkóso wọ̀n ọ́n, ìdajì ni. Lugard di Gómìnà Àgbà lórí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Àríwá ní igbákejì gómìnà tirẹ̀, Gúúsù náà ní tirẹ̀, oníkálukú sì ń ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Ibi tí Lugard ti gbìyànjú láti mú ọ̀nà tó fi ń ṣàkóso Àríwá wá sí Gúúsù, pẹ̀lú owó orí, ó dá wàhálà sílẹ̀. Ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918 jẹ́ àpẹẹrẹ kan.

"Bí a bá fi òfin wọ̀n ọ́n, ó kùnà fún ìgbà pípẹ́. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí òfin Clifford dá sílẹ̀ ní 1922 kì í ṣòfin fún Àríwá. Gómìnà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é fún wọn. Òfin Richards ti 1946 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pèsè àyè fún àwọn aṣojú Àríwá àti Gúúsù láti jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan.

"Èrò mi ni pé títí di 1946, ìsopọ̀ náà so àpò pọ̀ ju bó ṣe so ènìyàn pọ̀ lọ. Mo gbé òfin lé orí òṣùwọ̀n ju owó lọ, nítorí àwọn tí kò jọ ń ṣòfin kò tíì jọ ń ṣàkóso ara wọn, bí owó wọn tilẹ̀ wà nínú àpò kan."

Ẹ wo ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Kò kàn sọ pé "ó dára díẹ̀, kò sì dára díẹ̀". Ó mú ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì sọ ìdí tí òṣùwọ̀n kan fi wúwo ju èkejì lọ. Ẹlòmíràn lè gbé owó lé orí, kó wá ní ìsopọ̀ náà yọrí sí rere. Òun náà lè gba máàkì tó pé. Ẹni tó ń máàkì kò wá ẹni tó gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń wá ni ẹjọ́ tí ẹ̀rí gbé dúró.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Discuss àti Evaluate nìyẹn. Bí a bá gé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kúrò nínú Discuss wa, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wúlò. Bí a bá gé ìdájọ́ kúrò nínú Evaluate, a ti gé orí rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá sì rí Assess tàbí To what extent, ẹbí Evaluate ni wọ́n. Wọ́n ń retí ẹjọ́ ní ìparí.

Máàkì ni ẹlẹ́rìí kejì

Ìbéèrè kan tí ẹ lè máa bi mí ni pé, "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí mo kọ ti tó?" Ẹ wo máàkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ń sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́, máàkì ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó.

Ìbéèrè tí mo fún àbúrò mi jẹ́ máàkì 20 fún ìṣẹ́jú 30. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú kan àbọ̀ fún máàkì kan. Nítorí náà State tó ní máàkì 3 kò gbọdọ̀ ju bí ìṣẹ́jú 4 tàbí 5 lọ. Discuss máa gba bí 10, Evaluate á sì gba 15 tó kù, tí a ó fi ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ yan òṣùwọ̀n. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún ìdánwò tiyín kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Nígbà míràn, ọ̀rọ̀ àti máàkì kì í bára mu. Ẹ lè rí State pẹ̀lú máàkì 2 fún kókó kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi gbólóhùn kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí máàkì kejì wà fún àlàyé ráńpẹ́. Ẹ sì lè rí Discuss tó jẹ́ máàkì 4 péré. Ìhà méjì tí a ṣàlàyé dáadáa ti tó fún ìyẹn. Ẹ má ṣe kọ ìwé ìtàn síbẹ̀.

Ibi tí òfin yìí kò dé

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan náà kì í ṣe iṣẹ́ kan náà nínú gbogbo ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá rí Evaluate nínú ìwé ìbéèrè Mátíìsì, pẹ̀lú 2³ × 5 níwájú rẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àǹfààní àti àléébù. Wọ́n ní kí ẹ wá iye rẹ̀ ni. 40 ni, ọ̀rọ̀ parí.

Ìkejì, àwọn olùkọ́ kan ní yunifásítì máa ń kọ Discuss sí ìparí gbogbo ìbéèrè bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹlòmíràn fẹ́ ìdájọ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn kò fẹ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ wá ìbéèrè àtijọ́ olùkọ́ náà, kí ẹ sì bi àwọn tó ti gba A lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n kọ. Bí ẹ kò bá rí ẹni bi, ẹ fi ìdájọ́ kúkúrú parí rẹ̀. Gbólóhùn méjì bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ìpalára.

Òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹni tó ń máàkì ìwé yín lè jẹ́ ọmọlúwàbí pátápátá nílé rẹ̀, kò sì ní fi máàkì sí ohun tí ẹ kò kọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni State ń gbà. Níwájú Discuss àti Evaluate, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ di odindi.

Àbúrò mi máa kọ Gọ́fúmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún yìí. Ní báyìí, kó tó dáhùn ìbéèrè kankan nílé, ó máa ń fi bírò yí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ po, á sì kọ lẹ́tà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Ẹ fún ẹlẹ́rìí, G fún gbígbọ́ ẹjọ́, D fún dídá ẹjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún fún un ní ìbéèrè ọlọ́nà mẹ́ta, lórí òfin Clifford lọ́tẹ̀ yìí. Ìlà mẹ́rin ló kọ sí State. Bó ṣe gbé ìwé náà fún mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bùọ̀dá mi, ó ń ṣe mí bíi kí n ṣì kún un o, ṣùgbọ́n mo mú ọwọ́ mi kúrò."

Ẹ̀yin náà, ẹ mú ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan lónìí. Ẹ má ṣe dáhùn rẹ̀. Ẹ kàn yí ọ̀rọ̀ àṣẹ po nínú gbogbo ìbéèrè rẹ̀, kí ẹ kọ Ẹ, G tàbí D sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú tó yẹ ẹ́. Bí èyí kan bá rú yín lójú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò níbí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.